Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fi Ọ́ Ṣe Sùpáfáísọ̀? Fi Oṣù Kìíní Ka Búrẹ́dì Ná!

Ọmọbìnrin kan ló kọ̀wé sí wa láti ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún keje rèé tó ti wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gé ìyẹ̀fun pípò. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ọ̀gá wọn pe gbogbo wọn jọ, ó ní láti òní lọ, ọmọbìnrin yìí ni sùpáfáísọ̀ iṣẹ́ alẹ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ń wolẹ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ ààrò, tó ti wà níbẹ̀ kí ọmọbìnrin yìí tó dé, tí gbogbo ilé sì ti rò pé òun ni ipò náà kàn, dìde láìsọ nǹkan kan, ó bọ́ síta. Kí ó tó di pé wọ́n túká, ọ̀gá tún fi gbólóhùn kan kún un: "Búrẹ́dì ń sọnù níbí yìí. Mo fún ẹ lóṣù mẹ́ta. Bá mi wá ibi tó ń gbà lọ."

Ó wá ń béèrè lọ́wọ́ wa pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn tá a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà ni wọ́n ní kí n wá máa ṣọ́ yìí o."

Ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí a lè dáhùn lójú ìwé lẹ́tà lọ, ìdí nìyẹn tí a fi gbé e wá síbí. A mú un tọ ìyá kan lọ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe sùpáfáísọ̀ ilé búrẹ́dì kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyá náà ka lẹ́tà yẹn tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ẹni pé wọ́n ń ròyìn òun ni. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí ìyẹ̀fun ṣì wà láàárín rẹ̀. Inú ìwé yẹn la ti rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ máa kà yìí.

Oṣù mẹ́ta, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni. Ohun tó ń ba sùpáfáísọ̀ tuntun jẹ́ ni pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ló máa ń fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé òun ti dọ̀gá. Á yí àsìkò iṣẹ́ padà, á yọ lágbájá kúrò nídìí ẹ̀rọ, á fi tàmẹ̀dò síbẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì àwọn èèyàn lẹ́nu géètì. Kí oṣù tó parí, gbogbo ilé á ti kẹ̀yìn sí i, búrẹ́dì náà ò sì ní yéé sọnù. Bí ìyá yìí ṣe pín tirẹ̀ ni pé oṣù kìíní wà fún kíkà àti bíbéèrè. Oṣù kejì wà fún àtúnṣe kan ṣoṣo. Oṣù kẹta wà fún kí àtúnṣe yẹn lè dúró nígbà tí sùpáfáísọ̀ kò bá sí níbẹ̀.

Bàbá tó bínú ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí, torí bí kò bá yanjú, ìyókù ò lè ṣeé ṣe. Ilé búrẹ́dì tí ìyá wa yìí náà wà, bàbá kan wà nídìí ààrò tó tó ẹ̀gbọ́n fún un. Wọ́n fi ìyá yìí ṣe sùpáfáísọ̀, wọ́n fi bàbá sílẹ̀. Ìyá ní òun ò dúró kí ilẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ bá bàbá náà nílé, kì í ṣe níbi iṣẹ́, ó sì kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń kí i tẹ́lẹ̀.

"Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo fi ara mi síbẹ̀. Mi ò sì wá sọ pé kẹ́ ẹ má bínú. Ohun tí mo wá sọ ni pé mi ò mọ ààrò bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní dá sí i láìbi yín. Àmọ́ tí mo bá kọ nǹkan sílẹ̀ pé báyìí la ó ṣe é lálẹ́ yìí, ẹ bá mi ṣe é. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ.' Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní kí ìyàwó rẹ̀ fún mi lómi."

Ẹ wo ohun tí ìyá yìí ṣe. Ọ̀wọ̀ àgbà kò kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi iṣẹ́ tọrọ. Ìkíni dúró bó ṣe wà, àṣẹ iṣẹ́ sì dúró sí ààyè tirẹ̀. Sùpáfáísọ̀ tó bá rò pé òun gbọ́dọ̀ yéé kúnlẹ̀ kí wọ́n tó lè bẹ̀rù òun, wàhálà ló ń wá fún ara rẹ̀. Èyí tó sì ń bẹ àgbàlagbà lójoojúmọ́ kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un náà kò ní pẹ́ sunkún.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọ̀gá fúnra rẹ̀. Kí ọmọbìnrin wa yìí lọ bá ọ̀gá kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, kí ó bi í ní nǹkan mẹ́ta: ta ni mo lè pàṣẹ fún, èló ni mo lè ná láìkọ́kọ́ pè yín, àti búrẹ́dì mélòó lẹ rò pé ó yẹ kó jáde nínú àpò ìyẹ̀fun kan? Kí ó kọ ìdáhùn sílẹ̀ lójú ọ̀gá, kí ó fi déètì sí i. Ìyàwó ọ̀gá àti àbúrò ọ̀gá máa ń bọ́ síbi iṣẹ́ wá pàṣẹ tiwọn, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì mọ nọ́ńbà ọ̀gá, wọ́n á pè é lóru láti fẹjọ́ sùn. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá wọlé, kí ọ̀gá dáhùn pé, "Ṣé o ti sọ fún sùpáfáísọ̀ yín?" Bí ọ̀gá kò bá lè ṣèlérí ìyẹn, á jẹ́ pé orúkọ lásán ló fún ọmọ ọlọ́mọ.

Oṣù kìíní: má tíì yí nǹkan kan padà, àfi èyí tó lè gé ọwọ́

A ní kò gbọ́dọ̀ yí nǹkan padà lóṣù kìíní, ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la.

Èkíní ni ẹ̀rọ rólà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ilé búrẹ́dì rí mọ̀ ọ́n, irin gbọọrọ méjì tó ń yí lọ́rí ara wọn, tí wọ́n ń ki ìyẹ̀fun pípò bọ àárín rẹ̀ léraléra títí yóò fi dán. Òun ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì wa ki, tó ṣeé fà ya bí òwú. Àárín ọdún 1920 sí 1930 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní Èkó, nígbà ayé Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè níbí, tó wá ṣí ilé búrẹ́dì sí Ẹ̀búté Mẹ́ta, tí wọ́n fi ń pè é ní ọba oníbúrẹ́dì. Ẹ̀rọ tó dára ni, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyẹ̀fun àti ìka ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti yọ irin tó dábòòbò iwájú rẹ̀ kúrò, torí wọ́n ní ó ń dá iṣẹ́ dúró. Àwọn mìíràn ń fi àkísà nù ún nígbà tó ṣì ń yí. Ọjọ́ kìíní gan-an ni kí o dá irin yẹn padà, kí o sì fi lé ilẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rólà láti nù ún láì jẹ́ pé iná ti kú, tí okùn iná sì ti jáde lára ògiri. Òfin ilé iṣẹ́ ilẹ̀ yìí náà pàṣẹ pé kí wọ́n bo apá ẹ̀rọ tó bá léwu, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àṣejù tìrẹ ni.

Èkejì ni búróméètì. Bí o bá rí i nínú ilé ìkẹ́rù, àní kó jẹ́ ṣíbí kan, lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ náà. Àjọ NAFDAC ti kà á léèwọ̀ nínú búrẹ́dì nílẹ̀ yìí, torí ó ń ṣe ara ní ibi, wọ́n sì lè fi àgádágodo ti ilé pa lórí rẹ̀.

Yàtọ̀ sí méjì yìí, máa wò, máa béèrè, máa kà. Pe òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò pé ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bi í pé, kí ló ń dí ọ lọ́wọ́ jù nídìí iṣẹ́ rẹ? Má ṣèlérí nǹkan kan fún un. Kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Kíkà gan-an wá ni iṣẹ́. Ìyá wa ní ibi mẹ́ta ni òun ti ń kà, òun ò sì fi ibi kankan sílẹ̀. Àkọ́kọ́, nídìí tábìlì: ègé mélòó ni wọ́n gé nínú àpò yìí? Èkejì, lẹ́nu ààrò: mélòó ló jáde tó dára, mélòó ló jóná tàbí tó fọ́? Ẹ̀kẹta, lẹ́nu ilé ìkẹ́rù: mélòó ló wọlé, tí àwọn ìyá oníbúrẹ́dì yóò gbé ní ìdájí? Bí nǹkan bá dín láàárín ibì kan sí èkejì, ìyẹn ló máa sọ irú ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èyí tó bá dín kí a tó dé ẹnu ààrò, kì í ṣe olè. Ẹnikẹ́ni ò lè jí ìyẹ̀fun tútù lọ sílé lábẹ́ aṣọ.

Ṣùgbọ́n kí o tó mọ̀ pé nǹkan dín, o gbọ́dọ̀ mọ iye tó yẹ kó jẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò yẹn díẹ̀díẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé ìyá yẹn. Àpò ìyẹ̀fun kan jẹ́ kílò 50. Wọ́n ń da omi kílò 25 sí i, ṣúgà kílò 6, bọ́tà kílò kan ààbọ̀, iyọ̀ ìdajì kílò, yíìsì àti èròjà kéékèèké ìdajì kílò. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ kílò 83 ààbọ̀. Kílò kan ààbọ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ àti tábìlì, ó ku kílò 82. Búrẹ́dì ńlá ibẹ̀, gíráàmù 800 ni wọ́n ní kí wọ́n máa gé fún ọ̀kan. Tí a bá pín kílò 82 sí ọ̀nà gíráàmù 800, ègé 102 ló yẹ kó jáde.

Kí ni ìyá wa bá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń kà? Àpò 10 ni wọ́n ń ṣe lálẹ́. Lórí àpò kan, ègé 96 ló ń jáde nídìí tábìlì dípò 102. Nínú 96 yẹn, 94 ló ń jáde lẹ́nu ààrò láìní àbùkù. Nínú 94, 92 ló ń wọ ilé ìkẹ́rù. Mẹ́wàá ló ń lọ lórí àpò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọgọ́rùn-ún lálẹ́ kan. Ọ̀gá ti gbà pé olè ló ń jí gbogbo ọgọ́rùn-ún yẹn, ó sì ti fẹ́ lé èèyàn méjì. Ìwé wá fi hàn pé ọgọ́ta ń lọ nídìí tábìlì kó tó di búrẹ́dì rárá, ogún ń lọ nínú ààrò, ogún péré ló ń lọ láàárín ààrò sí ilé ìkẹ́rù.

Ọgọ́ta tó lọ nídìí tábìlì yẹn ló dun ìyá náà jù, nítorí nídìí tábìlì lòun náà ti dàgbà. Ó mú òṣùwọ̀n, ó ń wọn ègé mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ègé mẹ́wàá máa ń wọn kílò 8.1, èyí kò burú. Bí aago méjì òru bá ti kọjá, ègé mẹ́wàá á di kílò 8.9. Àwọn tó ń gé e ti rẹ̀, oorun ti ń kùn wọ́n, wọ́n ti pa òṣùwọ̀n tì, ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Ojú ẹni tó ti rẹ̀ kì í sì í gé e kéré. Ó mọ̀ pé tí ègé bá kéré, wọ́n á bá òun wí, nítorí náà ńlá ni yóò máa gé. Ẹni tó ra búrẹ́dì aago mẹ́ta òru jèrè lọ́jọ́ yẹn, kò sì mọ̀.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ lópin oṣù kìíní kò ju ìwé ojú kan lọ: iye tó yẹ kó jáde, iye tó ń jáde níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti ibi tí o rò pé ó ti ń lọ. Gbé e fún ọ̀gá. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Oṣù kejì: ọ̀kan ṣoṣo

Nǹkan mẹ́ta ló wà níwájú rẹ báyìí. Mú èyí tó tóbi jù, tó sì wà ní ìkáwọ́ rẹ. Fún ìyá wa, tábìlì ni. Ibi tó fẹ́ dé ni pé kí ègé tó ń jáde nínú àpò kan kúrò ní 96, kó di 101, kí oṣù tó parí. Kò ní kó pé 102. Ó ní ẹni tó bá ń lépa kó pé géérégé ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń parọ́ fún.

Ó pe àwọn mẹ́rin tó ń gé e jókòó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àkọsílẹ̀ náà síwájú wọn, ó sì bi wọ́n pé kí ni ká ṣe. Kò kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ pé òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kò tó, pé bí ẹnì kan bá ń lò ó, ẹnì kejì á dúró, bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun ń wú lọ. Òótọ́ ni. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ooru bá mú, ìyẹ̀fun tó ti ní yíìsì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ni wọ́n bá ra òṣùwọ̀n kejì, wọ́n sì fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó máa gé e ju wákàtí méjì lọ kó tó bọ́ sídìí páànù, kí ẹlòmíràn gbà á. Lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọn ègé mẹ́wàá, wọ́n á kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì.

Àpò méjì nínú mẹ́wàá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó fi kan gbogbo rẹ̀. Ẹ fiyè sí ìyẹn dáadáa. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, àpò méjì ló máa kàn.

Àṣìṣe sì wáyé. Lọ́jọ́ kẹrin, ègé jáde 106. Inú gbogbo èèyàn dùn, àfi ìyá yẹn. Ó mọ̀ pé kílò 82 kò lè bí 106 láìjẹ́ pé wọ́n ń gé e kéré. Ó yẹ òṣùwọ̀n tuntun wò, ìyẹ̀fun gbígbẹ ti dì mọ́ abẹ́ àwo rẹ̀, kò jẹ́ kó wọn bó ṣe yẹ. Bí a ṣe ń yẹ òṣùwọ̀n wò rọrùn: gbé ike tó ṣófo lé e, wo iye tó wọn, kí o wá da omi lítà kan sínú rẹ̀. Omi lítà kan, kílò kan ni. Tí òṣùwọ̀n bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí ìyẹn, nu abẹ́ rẹ̀, tún un wọ̀n. Alaalẹ́ ni kí o ṣe èyí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ègé gíráàmù 800 á fò díẹ̀ nínú ààrò, á kù bíi gíráàmù 700. Tí o bá kọ 700 sára ọ̀rá, tí o wá ń gé 770, oníbàárà lo ń rẹ́ jẹ, àwọn ìyá ọjà á sì mọ̀ ọ́n lára kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Wọn kì í wọ̀n ọ́n, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní àárín oṣù. Ègé 101 já wá sí 99 lójijì, fún ọjọ́ mẹ́ta léra. Àwọn kan ti ń wojú ara wọn. Ìyá wá rí i pé ìyẹ̀fun ilé iṣẹ́ mìíràn ni ọ̀gá rà lọ́sẹ̀ yẹn, tí kò mu omi tó ti tẹ́lẹ̀. Dípò kílò 25, kílò 23 ààbọ̀ ló gbà kó tó rọ̀. Omi kílò kan ààbọ̀ tí kò wọlé, ìyẹn búrẹ́dì méjì nìyẹn. Kò sí ẹni tó jí nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ orúkọ ìyẹ̀fun àti iye omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ègé.

Àwọn sùpáfáísọ̀ kan ní oògùn tiwọn fún gbogbo àdánù: wọ́n á yọ owó búrẹ́dì tó jóná kúrò nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ wa, yẹra fún un. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò fún agbanisíṣẹ́ láyè láti máa bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ lórí bó ṣe wù ú. Àní tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó pa iṣẹ́ tì, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lójú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Yàtọ̀ sí òfin, ẹni tí wọ́n bá ń yọ owó rẹ̀ lórí búrẹ́dì tó jóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrẹ́dì tó jóná pamọ́. Ìwé rẹ yóò wá máa parọ́ fún ọ.

Oṣù kẹta: lọ sílé kí o sùn

Ní oṣù kẹta, wàá ti mọ iṣẹ́ náà débi pé wàá fẹ́ máa ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bó bá jẹ́ torí pé o dúró tì wọ́n ni ègé fi ń jáde 101, kò tíì sí àtúnṣe. Ìyá wa mú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin ìdí tábìlì, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ òṣùwọ̀n wò, bí wọ́n ṣe ń kà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó tì í. Nígbà tó di bíi ọjọ́ karùndínlọ́gọ́rin, ó gba ààyè alẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀gá, ó lọ sílé, ó sì pa fóònù.

Alẹ́ kìíní jẹ́ 101. Alẹ́ kejì jẹ́ 100. Alẹ́ kẹta jẹ́ 97. Ó padà dé, kò pariwo, ó ní kí wọ́n ka ìwé fún òun. Wọ́n bá a nínú ìwé pé lálẹ́ kẹta, kò sẹ́ni tó wọn ègé lẹ́yìn aago mẹ́ta, torí iná lọ, wọ́n sì ń dúró de jẹnẹrétọ̀. Òṣùwọ̀n tuntun náà, iná ló ń lò. Kò sì sẹ́ni tó rántí ti àtijọ́ tí kò nílò iná. Wọ́n bá so ti àtijọ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó tán.

Oṣù kẹta yìí náà ló tó dé orí ogún búrẹ́dì tó ń lọ láàárín ààrò sí ilé ìkẹ́rù. Òṣìṣẹ́ 12 ló wà lálẹ́, pẹ̀lú ọ̀kan tó ń ṣọ́ géètì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń mú búrẹ́dì kan jẹ, ó di 13. Gbogbo ayé mọ̀, wọn ò kàn í sọ ọ́ fún ọ̀gá ni. Ìyá lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá, ó sì ní kí wọ́n kúkú sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ wọn, búrẹ́dì kan fún ẹnì kan, kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀gá kùn díẹ̀, ó gbà. Ó ku méje. Ìyá kò wá ẹni tó ń mú méje yẹn. Ohun tó ṣe ni pé èèyàn méjì ló ń ka búrẹ́dì wọ ilé ìkẹ́rù láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí ìwé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, méje di ọ̀kan. "Mo mọ ẹni tó ń mú un," ló wí fún wa. "Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. A ò bá ara wa sọ ọ́ rí títí mo fi kúrò níbẹ̀."

Àwọn kan lè sọ pé ìyá yẹn gba ìgbàkugbà, pé ó yẹ kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kò rí i mú, ẹnu kò sì lè fi olè hàn. Ní tiwa, ọ̀nà tó gbà dára. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹnì kan kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, tàbí tó ń nu rólà nígbà tó ń yí, ìyẹn yàtọ̀. Bá a sọ ọ́ lóun nìkan lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì, kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kí ó sì kọ ìdáhùn tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, gbé ìwé méjèèjì fún ọ̀gá, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ dá a.

Ó wá ku ogún tó ń jóná nínú ààrò. Àwa náà béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi fi í sílẹ̀ títí dìgbà yẹn. Ìyá ní òun ti ṣèlérí pé òun ò ní dá sí ààrò láìbi bàbá. Ọjọ́ kan lóṣù kẹta ni bàbá náà fúnra rẹ̀ pè é sẹ́yìn ààrò, ó fi igun òsì hàn án. Bíríkì mẹ́rin ti ṣubú lẹ́yìn lọ́hùn-ún, iná ń gba ibẹ̀ jó páànù tó bá wà nítòsí. Ó ní òun ti sọ fún sùpáfáísọ̀ tó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, pé ẹnì kan ò gbọ́. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi igun yẹn sílẹ̀ lófìfo. Búrẹ́dì tó ń jóná wá sí mẹ́rin tàbí márùn-ún lálẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí wọ́n dáná lẹ́ẹ̀kan sí i kí iṣẹ́ tó parí, igi sì ń tán.

Lọ́jọ́ àádọ́rùn-ún, ìyá gbé ìwé ojú kan mìíràn lọ bá ọ̀gá. Lápá òsì, ohun tó wà níbẹ̀ lóṣù kìíní: 102, 96, 94, 92. Lápá ọ̀tún, ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Nísàlẹ̀, ohun méjì ló béèrè: bíríkì pẹ̀lú amọ̀ fún igun ààrò, àti àfikún díẹ̀ sí owó oṣù àwọn mẹ́rin tó wà nídìí tábìlì. Kò dá lọ. Òun àti bàbá ni wọ́n jọ wọlé, ó sì ní kí bàbá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ààrò.

Ọ̀gá ra bíríkì lọ́sẹ̀ kejì. Ti àfikún owó yẹn, ó tó oṣù mẹ́rin sí i kó tó jáde.